Omi Ló Fa Àbàwọ́n, Omi Ló Máa Pa Á Rẹ́: Báàgì Ọ̀yọ́ Kan ní Peckham

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ju ọ̀rọ̀ báàgì kan àti bàtà kan lọ. Ilé Àǹtí kan tó ń gbé ní ẹ̀yìn Rye Lane, ní Peckham níbí, ni mo ti rí wọn. Àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ ló ṣe báàgì náà. Awọ ewúrẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ ni ara rẹ̀, wọ́n sì gé awọ pupa àti awọ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú rẹ̀ bí ọ̀nà. Bàtà dúdú tó ń dán, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo, ni bàtà náà. Ọkọ Àǹtí ló ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Láti oṣù kẹwàá ni wọ́n ti kó méjèèjì sínú wọ́dúróòbù. Nígbà tí wọ́n máa mú wọn jáde ní oṣù kẹta, nítorí ìgbéyàwó kan, ohun funfun bí òwú ti hù sára wọn. Àbàwọ́n omi kan tún wà lójú báàgì. Ó rí roboto bí àwo, etí rẹ̀ sì dúdú ju àárín rẹ̀ lọ.

(Ẹ̀yin tó ń kọ́ èdè, ẹ ṣọ́ àmì orí ọ̀rọ̀ o: awọ ni wọ́n fi ń ṣe bàtà, àwọ̀ ni pupa, dúdú àti funfun. Méjèèjì máa pọ̀ lónìí.)

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, Àǹtí ti mú ọṣẹ dúdú àti aṣọ tútù lọ́wọ́.

"Ṣé kí n kúkú fọ̀ ọ́ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ dúró ná. Ẹ má tíì fi omi kàn án."

"Ṣebí ìwọ náà lo sọ lórí fóònù pé omi la máa fi yọ àbàwọ́n yẹn?"

Òótọ́ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí sì ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. Ìṣòro méjì ló wà lára báàgì náà, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ wọn sì lòdì síra wọn. Awọ tó bu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ kí a tó fọwọ́ kàn án. Àbàwọ́n omi ní tirẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rin ín. Bí a bá rin awọ tó bu, ṣe la ń fún ohun tó ń hù níbẹ̀ ní omi mu, aṣọ tútù yẹn á sì tún fi í pa gbogbo ara báàgì. Nítorí náà, bíbu ló ṣáájú, àbàwọ́n omi ló tẹ̀lé e.

Kí ló dé tó fi bu? Àǹtí ní ilé àwọn kò jò. Mo gbà wọ́n gbọ́, torí mo ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, mo sì gbé e sí àárín yàrá wọn. Ó kà á ní dígírì 20, pẹ̀lú ọ̀rinrin ìdá 60 nínú 100. Ìyẹn kò burú rárá. Ṣùgbọ́n wọ́dúróòbù wọn fara ti ògiri ìta, irú ògiri bíríkì àtijọ́ tó pọ̀ ní Peckham, tí kò ní ohun tó ń dá òtútù dúró nínú. Ògiri yẹn kò ju dígírì 14 lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń tutù sí i, bẹ́ẹ̀ ni omi tó lè gbé ń dín kù. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀: afẹ́fẹ́ kan náà yẹn, tó wà ní ìdá 60 láàárín yàrá, á di nǹkan bí ìdá 88 nígbà tó bá kan ògiri dígírì 14. Fọ́ńgáàsì tó ń bu nǹkan kò nílò kí omi máa kán. Bí ọ̀rinrin bá ti ju nǹkan bí ìdá 70 lọ fún ìgbà pípẹ́, ó tó o láti hù. Yàrá gbẹ, ẹ̀yìn wọ́dúróòbù kò gbẹ.

Kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá ohun funfun yẹn jẹ́ bíbu lóòótọ́, torí ohun funfun mẹ́ta ló máa ń jáde lára awọ. Fọ́ńgáàsì ni àkọ́kọ́. Ọ̀rá ni èkejì: ọ̀rá tí wọ́n fi sínú awọ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, tàbí èyí tí a fi pa á, lè jáde síta nígbà òtútù kó sì dì bí ìyẹ̀fun. Ìkẹta ni iyọ̀, pàápàá lára bàtà, torí wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí yìnyín bá fẹ́ dì. Ẹ wo bí a ṣe ń dá wọn mọ̀. Ẹ mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, ẹ yí i sí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dúró jìnnà díẹ̀, kí ẹ fẹ́ ẹ sí ibi kékeré kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rá, ó máa yọ́, ojú ibẹ̀ á sì mọ́ lójú yín. Bí kò bá yọ́, ẹ fi òwú tó rin díẹ̀ kàn án. Iyọ̀ máa pòórá sínú omi, á sì tún padà funfun nígbà tó bá gbẹ. Èyí tí kò yọ́, tí kò pòórá, tó ń hù ní àmì tótòtó, tó sì ń rùn bí inú àjàalẹ̀, fọ́ńgáàsì nìyẹn.

Ti Àǹtí, fọ́ńgáàsì ni lára báàgì. Ṣùgbọ́n nítòsí ọwọ́ báàgì, ibì kan yọ́ nígbà tí ooru kàn án.

"Àǹtí, ṣé ẹ fi nǹkan pa á?"

"Òrí ni. Ìyá mi náà máa ń fi òrí pa awọ."

Ìyá wọn kò ṣìṣe ní Ọ̀yọ́, níbi tí òrí ti máa ń rọ̀ nínú ooru. Àmọ́ òrí kún fún ọ̀rá tó máa ń dì ní òtútù. Nínú yàrá Peckham ní oṣù kìíní, ó lè jáde bí ìyẹ̀fun funfun lójú awọ, ọ̀rá tó bá sì wà níbẹ̀ tún jẹ́ oúnjẹ fún fọ́ńgáàsì. Òróró ìsebẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó máa ń kan nínú awọ, á sì máa rùn.

Iṣẹ́ bíbu wá bẹ̀rẹ̀. A kó gbogbo nǹkan inú báàgì jáde, a ṣí i sílẹ̀, a sì gbé e pẹ̀lú bàtà sí yàrá tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, jìnnà sí rédíétọ̀ àti sí oòrùn, fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí fọ́ńgáàsì bá gbẹ, ó máa ń di eruku, kì í lẹ̀ mọ́ awọ mọ́. Lẹ́yìn náà la gbé wọn jáde sí gbangba. Mo wọ ìbòmú àti ìbọ̀wọ́, mo fi ẹ̀yìn sí atẹ́gùn, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gbọ̀n wọ́n. Ẹ gbọ̀n ọ́n nù, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì rìn ín mọ́lẹ̀. Ẹ má gbàgbé inú báàgì àti ìsàlẹ̀ ahọ́n bàtà, torí ibẹ̀ ló máa ń sá pamọ́ sí. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée, kó jẹ́ kí ẹlòmíì bá a ṣe é.

Lẹ́yìn gbígbọ̀n, a lo sípírítì. Mo po sípírítì ìdá kan mọ́ omi ìdá kan, mo rin aṣọ funfun kan sínú rẹ̀, mo fún un títí kò fi kán mọ́, mo wá ń nù ún díẹ̀díẹ̀, tí mo sì ń yí ojú aṣọ padà kí n má baà kó eléyìí sí ìyẹn. A kì í fọ́n ọn sára awọ. Kí ló dé tí a fi ń po omi mọ́ ọn? Sípírítì tó bá lágbára jù máa ń fa ọ̀rá inú awọ jáde, ó sì ń ṣí ọ̀dà kúrò lójú rẹ̀. Omi díẹ̀ tún ń ràn án lọ́wọ́ láti wọ inú fọ́ńgáàsì.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó nù ún, ẹ dán an wò níbi tó pamọ́. Mo fi òwú tó rin kan awọ aláwọ̀ ilẹ̀ lábẹ́ ìdérí báàgì: òwú náà jáde pẹ̀lú àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀, kò burú. Mo fi òmíràn kan ọ̀nà pupa: ó jáde ní pupa fòò. Nílẹ̀ Haúsá, ara èèpo okà bàbà kan ni wọ́n ti máa ń yọ irú àwọ̀ pupa bẹ́ẹ̀, awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ń lò ní Ọ̀yọ́ sì sábà máa ń ti òkè Ọya wá. Ibi pupa wọ̀nyẹn, mi ò fi sípírítì kàn wọ́n rárá. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nìkan ni mo lò, mo sì fi òwú orí igi nu ẹ̀gbẹ́ wọn láìfi kàn wọ́n.

Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Awọ máa ń kan díẹ̀ bí ọsàn wẹ́wẹ́. pH rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 3.5 sí 5. Eérú ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, pH rẹ̀ sì lè tó 9 tàbí 10. Ó dára fún ara èèyàn tí a máa ṣan, àmọ́ nínú awọ, ó ń tú táníìnì àti ọ̀rá tó di awọ náà mú. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, awọ á le, ó sì máa là níbi tó bá ti ń ká. Bílíìṣì náà ẹ má gbìyànjú ẹ̀ wò. Ó ń jẹ awọ fúnra rẹ̀.

Ó wá kan àbàwọ́n omi, ibi tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ rántí pé etí rẹ̀ ló dúdú, kì í ṣe àárín. Ẹ ti rí irú ẹ̀ rí: bí kọfí bá kán sórí tábìlì tó sì gbẹ, etí ló máa ń dúdú. Ní 1997, Robert Deegan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ṣikágò ṣàlàyé èyí nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature. Etí omi ló ń yára gbẹ jù, omi láti àárín á máa ṣàn lọ síbẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀, á sì máa kó ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Nínú awọ, ohun tó ń kó lọ ni táníìnì, àwọ̀ àti ọ̀rá. Táníìnì ni ohun kíkorò inú èso àti èèpo igi, irú igi tí àwọn Haúsá ń pè ní bàgàrúwà, tí wọ́n fi ń sọ awọ ẹran di awọ tí kì í jẹrà. Àwọn oníṣẹ́ awọ ní Bermondsey, tí kò jìnnà sí Peckham, èèpo igi óòkù ni àwọn ń lò fún iṣẹ́ kan náà láyé àtijọ́. Ọjà awọ wọn, tí wọ́n ṣí ní 1833, ilé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe ìdọ̀tí ni àbàwọ́n yẹn. Ohun ìní awọ fúnra rẹ̀ ni, tó kóra jọ síbi tí kò yẹ. Bí ẹ bá ń fọ etí yẹn nìkan, omi tuntun á tún ní etí tuntun, ẹ ó sì ní òrùka méjì dípò ọ̀kan. Ohun tó yẹ ni pé kí omi má ní etí rárá lójú awọ: ẹ rin gbogbo ojú kan náà, láti ibi tí wọ́n rán dé ibi tí wọ́n rán.

Omi wo la lò? Kì í ṣe omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wo inú kẹ́tùlù yín, ẹ ó rí ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn; irú nǹkan yẹn náà máa kù lójú awọ. Mo ra omi tí wọ́n ti yọ gbogbo iyọ̀ inú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń bù sínú áyọ́ọ̀nù. Mo fi bébà funfun kún inú báàgì kí ó lè dúró dáadáa (bébà ìròyìn á fi yíǹkì kùn ún). Mo rin fóòmù, mo fún un, mo bẹ̀rẹ̀ láti igun tó jìnnà jù sí àbàwọ́n, mo sì ń nù ún lọ láìdúró. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, gbogbo ojú náà ti dúdú bákan náà. Ìgbà yẹn ni mo wá padà sí etí òrùka, tí mo ń fi fóòmù tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, tí mo sì ń fi aṣọ funfun gbá omi náà. Aṣọ náà jáde pẹ̀lú àwọ̀ bíi ti tíì. Táníìnì tó kóra jọ ló ń jáde yẹn, ó sì jẹ́ àmì pé iṣẹ́ ń lọ. Mi ò fi agbára ha á, torí awọ tó rin máa ń bó bí awọ ọwọ́ tó pẹ́ nínú omi.

Gbígbẹ ni ibi tí awọ ti ń là. Nínú awọ, okùn kọ́lájìnì wẹ́wẹ́ ni ó lọ́ mọ́ra wọn, ọ̀rá ló sì ń jẹ́ kí wọ́n lè yọ̀ lára wọn. Bí omi bá yára jáde, àwọn okùn náà á lẹ̀ mọ́ra wọn, wọn ò sì ní yọ̀ mọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá ká a ni ó máa sán. Ooru tún ní ewu tirẹ̀: awọ tí wọ́n fi táníìnì ṣe, nígbà tó bá rin, lè bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì ní nǹkan bí dígírì 70, èyí tó ti gbó kò sì tó bẹ́ẹ̀. Rédíétọ̀ lè súnmọ́ ibẹ̀. Mo ti rí bàtà tí wọ́n gbé lé rédíétọ̀ lóru kan: ó le bí pátákó, ó dúdú, ó sì kéré sí i. Ìyẹn kò ní àtúnṣe.

Aṣọ òwú funfun la fi bo báàgì náà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí gbogbo ojú rẹ̀ lè máa gbẹ bákan náà, a sì gbé e sí yàrá tí kò gbóná. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ? Ọwọ́ máa ń tan èèyàn jẹ. Òṣùwọ̀n ìdáná Àǹtí ni mo lò. Bí a ṣe rin ín tán ni a wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn náà la ń wọ̀n ọ́n láràárọ̀. Ó ń fúyẹ́ lójoojúmọ́. Nígbà tí àárọ̀ méjì tẹ̀léra wọn tí ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà, ó ti gbẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà.

Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, òrùka náà ti rẹ̀ sílẹ̀ tó bí ìlàjì. A tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìkejì, ẹ kò lè rí i àfi tí ẹ bá gbé báàgì dàgbéré sí ìmọ́lẹ̀. Mi ò gbìyànjú ìkẹta, torí gbogbo ìrinmi ń kó táníìnì àti ọ̀rá díẹ̀ lọ. A wá fi ìpara awọ tó tó ẹ̀wà kan pa gbogbo ojú náà, a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, a sì nu èyí tó ṣẹ́kù.

Ti bàtà yára. Kúrómíọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe awọ irú bàtà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì da ọ̀dà lé ojú rẹ̀. Bí omi bá kán sí i, ó máa ń dúró bí ìrì lórí ewé kókò. Fọ́ńgáàsì kò wọnú, sípírítì àti omi nù ún kúrò lẹ́ẹ̀kan. Ìlà funfun tó wà nítòsí àtẹ̀lẹsẹ̀ jẹ́ iyọ̀. Aṣọ tó rin ni mo fi nù ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí mo ń jẹ́ kó gbẹ láàárín. Ṣùgbọ́n níbi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń ká, ọ̀dà náà ti là wẹ́wẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà ló là níbẹ̀, kì í ṣe awọ. Ìpara kì í dí i. Pólíṣì dúdú lè bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Nǹkan kan wà tí a kò rí yọ lára báàgì: àmì dúdú wẹ́wẹ́ mẹ́rin nísàlẹ̀. Fọ́ńgáàsì ti kú, àmọ́ àwọ̀ tó tú jáde ti wọ inú okùn awọ. Ẹni tó bá fi agbára lé e á bó ojú awọ ni. Àǹtí ní kí n fi í sílẹ̀, èmi náà sì rò pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ.

Awọ kan tún wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi omi kàn rárá. Bí ẹ bá fi ìka pa báàgì àtijọ́, tí eruku pupa bíi ti bíríkì sì lẹ̀ mọ́ ìka yín, awọ náà ti ń jẹrà látinú. Afẹ́fẹ́ èéfín èédú Lọ́ńdọ̀nù ayé àtijọ́ ba ọ̀pọ̀ awọ ìwé jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí omi bá kàn án, á dúdú, á sì le lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé irú ẹ̀ lọ fún ẹni tó ń tọ́jú nǹkan àtijọ́.

Ní ti ilé Àǹtí, a fa wọ́dúróòbù kúrò lára ògiri, a fi àlàfo bíi ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, a sì yọ báàgì kúrò nínú ọ̀rá ọ̀lọ́nì tó wà tẹ́lẹ̀, a fi í sínú àpò aṣọ òwú. Ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin ṣì wà lẹ́yìn wọ́dúróòbù yẹn. Nígbà tí mo wò ó kẹ́yìn, ó kà á ní ìdá 63.